Fúláàtì 3% àbí Ridúsìn 4%: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Mọ Lọ́ọ̀nù Tó Wọ́n Jù Kẹ́ ẹ Tó Sáìnì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yáwó kún ọjà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bébà àti bírò sítòsí kẹ́ ẹ tó kà á lọ, kakulétọ̀ inú fóònù yín ti tó. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ ṣírò ni bí lọ́ọ̀nù tí wọ́n pè ní 3% lóṣù ṣe lè gbówó lọ́wọ́ yín ju èyí tí wọ́n pè ní 4% lóṣù lọ, iye owó kan náà, iye oṣù kan náà, tí kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì tó yá yín lówó. Mo máa ń bá àwọn ọlọ́jà to ìwé owó wọn, mo sì ti rí i tí nǹkan yìí ń jẹ èrè wọn, ó máa ń dùn mí torí èrè orí àǹkárá kan ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń ta àǹkárá ní Gbági n'Ìbàdàn ni màá fi ṣàlàyé ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Ìbejì. Ó fẹ́ kó ọjà sílẹ̀ de Iléyá, ₦300,000 ló ń wá. Báńkì kékeré méjì, àwọn tá à ń pè ní maikirofáínáǹsì, rán ọ́físà wọn wá bá àwọn ọlọ́jà nínú ọjà. Ọ́físà àkọ́kọ́ ní 3% lóṣù ni tàwọn, fúláàtì, oṣù mẹ́fà. Ìkejì ní 4% lóṣù, ridúsìn bálánsì, oṣù mẹ́fà náà. Ìyá ò tiẹ̀ jẹ́ kí ìkejì parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń gba mẹ́ta ṣì ń bẹ níbí, kí ni mo fẹ́ fi mẹ́rin ṣe?" Ó gba ti mẹ́ta. Àǹtí tó ń ta léèsì ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiẹ̀ gba ti mẹ́rin, òun náà ò ṣírò kankan o, ọ́físà yẹn ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Oṣù kìíní pé, ìyá san ₦59,000, àǹtí san ₦62,000, ìyá wá ń káàánú àǹtí. Oṣù kejì àǹtí san ₦60,000. Nígbà tó di oṣù kẹta tó san ₦58,000 ni ara ìyá wá fu.

"Ṣé wọ́n dín tìẹ kù ni?"

"Rárá o, Màámi, bó ṣe wà nínú bébà tí wọ́n fún mi látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, 56 ni mo máa san lóṣù tó ń bọ̀."

Ni wọ́n bá tẹ́ ìwé méjèèjì sórí káńtà. Ti ìyá, káàdì líle kan ni, àpótí mẹ́fà ló wà lórí ẹ̀, wọ́n kọ 59,000 sínú ìkọ̀ọ̀kan, àyè ibi tí ọ́físà máa sáìnì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tán. Ti àǹtí, bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà ni, ìlà mẹ́fà, ìlà kọ̀ọ̀kan sọ iye gbèsè tó kù, iye èlé, iye ojú owó tó fẹ́ san, àti àpapọ̀ ẹ̀. Inú ibi tí wọ́n kọ èlé sí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, èlé tiẹ̀ ń wálẹ̀ lóṣooṣù.

Bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti bẹ́yin náà ṣe lè ṣírò tiyín, rèé.

Ẹ KỌ́KỌ́ BÉÈRÈ ORÍ ÈLÓ NI WỌ́N Ń KA ÈLÉ SÍ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé iye pásẹ́ǹtì nìkan ni wọ́n ń béèrè. Pásẹ́ǹtì ò tíì sọ nǹkan kan fún yín, àfi tẹ́ ẹ bá mọ pásẹ́ǹtì iye owó wo. Nínú fúláàtì, orí owó tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yá ni wọ́n máa ń ka èlé sí títí tẹ́ ẹ fi máa san tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti dá ìdajì ẹ̀ padà. Nínú ridúsìn, orí èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín nìkan ni.

Ẹ wò ó báyìí, ká ní ẹ rẹ́ǹtì àga 300 fún ìnáwó ọlọ́jọ́ mẹ́fà, tẹ́ ẹ wá ń dá àga 50 padà lálaalẹ́ torí àwọn àlejò ti ń lọ. Tí ẹni tó ni àga bá wá ní kẹ́ ẹ san owó àga 300 fún ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan ọjọ́ tó jẹ́ pé 50 péré ló kù lọ́dọ̀ yín, ẹ máa bá a jà. Ohun tí fúláàtì ń ṣe gan-an nìyẹn, kìkì pé owó ni, a kì í rí i bá a ṣe ń rí àga.

Ìyá Ìbejì ń dá ₦50,000 padà lóṣooṣù nínú ojú owó. Lóṣù kìíní ₦300,000 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ lóòótọ́. Lóṣù kẹrin ₦150,000 ló kù. Lóṣù kẹfà ₦50,000 péré. Tẹ́ ẹ bá ro iye tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, 300,000 àti 250,000 àti 200,000 àti 150,000 àti 100,000 àti 50,000, tẹ́ ẹ wá pín in sí mẹ́fà, ₦175,000 lẹ máa rí. Ìyẹn ni pé tá a bá ní ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ₦175,000 ló ń lò lóṣù, àmọ́ èlé ₦300,000 ló ń san.

Ẹ ṢÍRÒ TI FÚLÁÀTÌ

Èyí ò le rárá, ìdí tí àwọn ọ́físà fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, ó yá sọ létí kásítọ́mà. Ẹ fi pásẹ́ǹtì sọ owó tẹ́ ẹ yá di púpọ̀, ẹ pín in sí 100, èlé oṣù kan nìyẹn. Ẹ wá fi iye oṣù sọ ọ́ di púpọ̀.

```
300000 × 3 ÷ 100 = 9000
9000 × 6 = 54000
```

Èlé ₦54,000 lórí ₦300,000. Oṣooṣù á jẹ́ ₦50,000 ojú owó àti ₦9,000 èlé, ₦59,000 tó wà lórí káàdì ìyá gẹ́lẹ́.

Ẹ ṢÍRÒ TI RIDÚSÌN, OṢÙ KAN LẸ́YÌN ÈKEJÌ

Eléyìí gba sùúrù díẹ̀ torí ẹ ò lè ṣírò oṣù kan kẹ́ ẹ wá fi mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ kọ iye tó kù sílẹ̀, ẹ ṣírò 4% ẹ̀, ìyẹn ni èlé oṣù náà. Ẹ wá yọ 50,000 kúrò nínú gbèsè, kẹ́ ẹ tún un ṣe fún oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ti àǹtí aléèsì ṣe lọ rèé:

Oṣù 1: gbèsè 300,000, èlé 12,000, ó san 62,000
Oṣù 2: gbèsè 250,000, èlé 10,000, ó san 60,000
Oṣù 3: gbèsè 200,000, èlé 8,000, ó san 58,000
Oṣù 4: gbèsè 150,000, èlé 6,000, ó san 56,000
Oṣù 5: gbèsè 100,000, èlé 4,000, ó san 54,000
Oṣù 6: gbèsè 50,000, èlé 2,000, ó san 52,000

Tẹ́ ẹ bá ro èlé yẹn pọ̀, ₦42,000 ni. Ìyá tó gba "mẹ́ta" san ₦54,000, àǹtí tó gba "mẹ́rin" san ₦42,000, ₦12,000 ló wà láàárín wọn. Ìyá tún un ró lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bóyá kakulétọ̀ ló ti bàjẹ́, ó ní kí ọmọ tó ń bá a tajà náà bá òun ró o, 42 náà ló ń jáde.

Ẹ kíyè sí oṣù méjì àkọ́kọ́ o. Ibẹ̀ ni ridúsìn ti máa ń ga ju fúláàtì lọ, tẹ́ ẹ bá fi owó tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ san ṣe ìwọ̀n ẹ máa rò pé fúláàtì ló rọrùn. Èyí sì tún ṣe pàtàkì fún ẹni tí ọjà ẹ̀ kì í tètè yí, torí tẹ́ ò bá ní rí ₦62,000 san lóṣù kìíní, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó gbowó, kì í ṣe ìgbà tí ọ́físà bá ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù.

TẸ́ Ẹ BÁ FẸ́ FI FÚLÁÀTÌ WÉ RIDÚSÌN KÍÁKÍÁ

Nígbà míì ọ́físà ti dúró tì yín, kò sáyè láti máa kọ ìlà mẹ́fà. Ọ̀nà àbùjá kan wà. Ẹ fi iye oṣù sọ pásẹ́ǹtì fúláàtì di púpọ̀, ẹ tún fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá pín in sí iye oṣù tẹ́ ẹ ti fi 1 kún.

```
3 × 6 × 2 ÷ (6 + 1) = 5.14
```

Ìyẹn ni pé fúláàtì 3% fún oṣù mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ridúsìn 5%. Kò péye géérégé, ó máa ń ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ ó tó láti fi mọ̀ pé 4% yẹn ló dáa jù. Tí iye oṣù bá ń pọ̀ sí i, ó máa ń sún mọ́ ìlọ́po méjì, fún oṣù méjìlá á di 3 × 12 × 2 ÷ 13, ẹ máa rí 5.54.

Àwọn tó ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo tiẹ̀ ń rò jù, torí ojú owó tiwọn tètè ń kúrò lọ́wọ́ wọn. ₦300,000 tẹ́ ẹ fẹ́ dá padà ní ọ̀sẹ̀ 24, ₦12,500 lẹ máa dá padà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, owó tẹ́ ẹ sì ń lò tá a bá pín in dọ́gba á jẹ́ ₦156,250, kò tó ₦175,000 ti olóṣooṣù. Tí wọ́n bá wá ka èlé fúláàtì kan náà fún yín, ẹ̀yin lẹ san án jù.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo fúláàtì ló burú. Ká ní 2% fúláàtì ni wọ́n fún ìyá, èlé ẹ̀ á jẹ́ ₦36,000, ìyẹn ò tó ₦42,000 ti àǹtí, kó gbà á ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fẹ́ dá ojú owó padà, ní ìparí, kò sí ìyàtọ̀ láàárín fúláàtì àti ridúsìn torí gbogbo owó wà lọ́wọ́ yín títí di ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀RÍ WÀ LÓRÍ BÉBÀ: BẸ́ Ẹ ṢE MÁA MỌ ÈYÍ TÍ WỌ́N FÚN YÍN

Ẹnu ọ́físà ò tó. Àwọn kan máa ń pe nǹkan ní ridúsìn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn míì ò sì mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ fúnra wọn. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ṣẹ́dúùlù ìsanwó, irú bébà ìlà mẹ́fà ti àǹtí, jáde fún yín kẹ́ ẹ tó sáìnì, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí wọ́ọ̀sáàpù. Tẹ́ ẹ bá ti gbà á, ibi tí wọ́n kọ èlé sí nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ tọ̀ wálẹ̀. Tí èlé oṣù kìíní àti ti oṣù tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ iye kan náà, fúláàtì ni, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Tó bá ń wálẹ̀ lóṣooṣù, ridúsìn ni.

Ẹ má fi àpapọ̀ tẹ́ ẹ máa san lóṣù dá a mọ̀ o, ibí yìí ló ń tan àwọn tó rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ridúsìn kan wà tó jẹ́ pé iye kan náà lẹ máa san látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní wọ́n ṣe ti àǹtí bẹ́ẹ̀, 4% náà, oṣù mẹ́fà náà, nǹkan bíi ₦57,229 ni ì bá máa san lóṣooṣù, gbogbo èlé ẹ̀ á wá lé díẹ̀ ní ₦43,000. Nínú irú èyí èlé ń wálẹ̀, ojú owó ń gòkè, àpapọ̀ méjèèjì ló dúró sójú kan. Èlé ẹ̀ fi díẹ̀ ju ₦42,000 lọ torí ojú owó ò tètè wálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ṣì dín sí ₦54,000 dáadáa.

Tí wọ́n bá ní àwọn ò ní ṣẹ́dúùlù, àfi káàdì bíi ti ìyá, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Tí mo bá ti san oṣù mẹ́ta, èlé oṣù kẹrin á jẹ́ èló?" Kí wọ́n dárúkọ náírà, kì í ṣe pásẹ́ǹtì. Ìdáhùn yẹn ló máa tú gbogbo ẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé nínú ìlànà tí báńkì àpapọ̀, CBN, gbé jáde lórí owó tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ridúsìn ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi ka èlé lọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ ń san díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má ka èlé sórí ojú owó tẹ́ ẹ ti dá padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ilé báńkì tó yá yín lówó lẹ ti máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí wọ́n sì bá yín lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà kan, kẹ́ ẹ tó kọjá sí CBN.

Ẹ RO OWÓ TÍ WỌ́N YỌ KÓ TÓ DÓWỌ́ YÍN

₦300,000 kọ́ ni Ìyá Ìbejì gbé délé. Wọ́n yọ ₦6,000 fún prósẹ́sìn, wọ́n ní kó fi ₦30,000 sínú séfíǹsì tí wọ́n máa dì mú títí tó fi máa san tán, ₦264,000 ló kan án lọ́wọ́. Àmọ́ orí 300,000 ni wọ́n ń ka èlé sí. Séfíǹsì yẹn ṣì ń bọ̀ wá bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi ra àǹkárá kan níwọ̀n ìgbà tó wà lọ́dọ̀ wọn, òun ló sì ń san èlé lórí ẹ̀. Prósẹ́sìn ní tiẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò ní padà.

Torí náà ẹ fi prósẹ́sìn, owó fọ́ọ̀mù àti ìnṣọ́ránsì kún èlé kẹ́ ẹ tó fi lọ́ọ̀nù kan wé òmíì. Ti ìyá di ₦60,000. Ká ní báńkì àǹtí gba ₦20,000 fún prósẹ́sìn, tiẹ̀ ì bá di ₦62,000, fúláàtì ìyá ì bá wá dáa jù. Wọn ò gbà tó bẹ́ẹ̀, ₦3,000 ni wọ́n gbà, ₦45,000 ni gbogbo ẹ̀. Àfi kẹ́ ẹ ro ó dé náírà tó gbẹ̀yìn.

TẸ́ Ẹ BÁ FẸ́ SAN TÁN ṢÁÁJÚ ÀKÓKÒ

Lẹ́yìn tí ìyá rí gbogbo èyí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kó kúkú san gbogbo gbèsè tó kù kó lè jáwọ́, ọjà Iléyá ti tà, ₦150,000 ló kù nínú ojú owó. Mo ní kó béèrè kó tó san. Ọ́físà ní kò burú, ₦177,000 ni kó mú wá, ₦150,000 àti èlé oṣù mẹ́ta tó kù, ₦27,000, láìyọ kọ́bọ̀. Àǹtí náà béèrè lọ́dọ̀ tiẹ̀, wọ́n ní kó mú ₦150,000 wá lọ́jọ́ tó san ti oṣù kẹta gan-an, èlé 6,000 àti 4,000 àti 2,000 tó kù ti bọ́ sílẹ̀.

Báńkì kan yàtọ̀ sí òmíì lórí èyí, àwọn onífúláàtì kan máa ń dín in kù, àwọn oníridúsìn kan sì máa ń gba owó ìtanràn fún títètè san. Inú àdéhùn tẹ́ ẹ sáìnì ló máa wà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ sísan ṣáájú àkókò, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún yín tẹ́ ò bá ríran kà á.

Tí èlé ò bá ní dín, kò sí èrè nínú kẹ́ ẹ sáré san. Ohun tí Ìyá Ìbejì ṣe náà nìyẹn, ó ní tó bá jẹ́ pé wọ́n máa gba ₦27,000 náà bóun bá san lónìí tàbí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun á jẹ́ kí owó náà wà nínú ọjà. Ó fi ₦150,000 yẹn kó àǹkárá tuntun, ó ń yọ ₦59,000 nínú ẹ̀ lóṣooṣù títí tó fi tán. Ìgbà tó fẹ́ yá òmíì, ó pe ọ́físà ti 4% wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó kọ́kọ́ kọ ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ níwájú òun, ó wá mú kakulétọ̀, ó sì ń ro èlé ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọkùnrin náà ṣe ń kọ ọ́.